Ilà Kan Tí Mo Nù Kúrò Lójú Ọ̀rẹ́ Mi

Òórùn ike gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ wá sí imú mi tí mo bá rántí ọdún náà. Ẹ̀rọ tí a fi ń fi ike bo ìwé ẹ̀rí àti káàdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi ní ṣọ́ọ̀bù, bí iná bá sì ti dé, ọ̀gá mi obìnrin á ní kí n tètè tàn án kí ó lè gbóná kí àwọn oníbàárà tó wọlé. Ibùdókọ̀ Lotto ní Mowe ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, ní ìlà ṣọ́ọ̀bù kan tí ó kọjú sí títì márosẹ̀. A ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, a ń tẹ ìwé, a ń ṣe ìwé ìkéde fún àwọn tó ń ta ọjà àti fún àwọn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Láti Ibafo ni mo ti máa ń wá láràárọ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo fẹsẹ̀ kan tẹ ilé ẹ̀kọ́ girama, kí ilé wa tó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́. Ojú sì máa ń tì mí gan-an nígbà náà. Bí oníbàárà bá kí mi, kọ̀ǹpútà ni mo máa ń dá lóhùn.

Ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ mi, n kò ní fi ìyẹn pa mọ́. Kí n tó lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, èmi ni wọ́n ń gbé gbogbo fọ́tò fún láti nù. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn: a ń nu ojú. Èèyàn á jókòó, a ó yà á, mà á gbé ojú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, mà á mú awọ tó mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan ìwájú orí rẹ̀, mà á fi bo ibi tí rorẹ́ wà. Tí ọwọ́ bá dán, ẹni tó ni ojú gan-an kò ní mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi fún mi lórí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní ohun tí yóò kúrò lójú èèyàn fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí n mú un kúrò, bíi rorẹ́, òógùn àti ojú tó wú nítorí àìsùn. Ohun tí èèyàn yóò gbé lọ sílé, bí àpá, àmì àti ilà, kí n fi í sílẹ̀, àfi bí ẹni tó ni ín bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò fẹ́ ẹ. Ti pásípọ́ọ̀tù, kò tilẹ̀ sí pé ó sọ tàbí kò sọ. Ojú tí a fi ń dá èèyàn mọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú rẹ̀. Mo mọ òfin yìí lórí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ lónìí pé n kò mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tiwa. Ọjọ́ orí wa kò ju ara wọn lọ. Ọmọ Ifọ̀ ni, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Mowe. Ó lẹ́nu ju mi lọ dáadáa. Bí oníbàárà bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ, òun ló máa ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà wọn tí á ní, "Aǹtí, ẹ wò ó, ẹni tí ẹ ń bá jà yẹn kò mọ ìjà jà, ẹ wá bá mi jà." Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín, oníbàárà náà á sì ṣe ohun tó yẹ. Mo gbára lé e bí ẹni gbára lé ògiri. Ìbejì ni. Mo mọ̀ pé ìkejì rẹ̀ ti lọ ra iyọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọ ọdún méjìlá, bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́, nítorí a kì í fi ẹnu pe ìbejì ní òkú. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, kò sì tún sọ ọ́ mọ́, èmi náà kò bi í. N kò rí ìkejì náà rí, n kò sì rí fọ́tò rẹ̀.

Ilà kékeré kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀kan ṣoṣo ni, kò gùn ju èékánná lọ, ó dúró ṣánṣán lábẹ́ ojú. Tí ó bá rẹ́rìn-ín, ilà náà á tẹ̀ díẹ̀. Mo ti wò ó títí nígbà tó bá ń jẹun lọ́sàn-án, mo sì máa ń rò ó nínú mi pé ọmọ tó rẹwà báyìí, ta ló fi abẹ kàn án lójú? Mo gbà pé ó ń dùn ún. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Èmi ni mo bá a rò ó, tí mo bá a kẹ́dùn, tí mo sì tún bá a wá oògùn rẹ̀.

Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀. Ó ti wọ aṣọ kan tó rán fúnra rẹ̀, aláwọ̀ omi aró, ó sì ní kí n ya òun kí òun lè fi ránṣẹ́ sí oníbàárà tó fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Mo yà á. Fọ́tò yẹn wà lọ́dọ̀ mi. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbí rẹ̀, iṣẹ́ kò pọ̀, mo bá gbé e jáde, mo ní mà á fi ṣe ẹ̀bùn fún un. Mo mú awọ kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mo fi bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ilà náà ṣòro ju rorẹ́ lọ nítorí pé ó ní òjìji tirẹ̀, mo ní láti tún ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ṣe kí ó má baà dà bí ibi tí wọ́n lẹ nǹkan mọ́. Lẹ́yìn náà mo gbé e sórí fóònù, mo fi áàpù kan mú awọ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ sí i, mo mú ògiri ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò, mo fi òdòdó rọ́pò rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí i pé "Ẹ bá mi yọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi àtàtà." Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà ju ti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba owó oṣù lọ. N kò bi í. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n bi í. Ẹ̀bùn ni, ṣé a máa ń bi èèyàn kí a tó fún un lẹ́bùn?

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbí, mo gbé e sí sítátọ́ọ̀sì mi, mo sì jù ú sínú gúrúùpù Wasáàpù ìlà ṣọ́ọ̀bù wa, níbi tí a ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìyìn ń rọ̀ bí òjò. Ẹnì kan ní ṣé òṣèré ni. Ẹlòmíràn ní òun kò mọ̀ pé aránṣọ wa rẹwà tó báyìí. Èmi tí n kì í lè gbé orí sókè, mo ń rìn káàkiri bí ẹni tó fẹ́ jẹ oyè. Ọ̀rẹ́ mi kò sí nítòsí. Ó ti lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ifọ̀, kò sì ní dátà.

Ọ̀sán ni ó pè mí. Mo gbé fóònù pẹ̀lú ẹ̀rín, mo ń retí ọpẹ́.

Ó ní, "Ta ni o bi?"

Mo ní, "Kí ni mo bi?"

"Fọ́tò mi. Ta ni o bi kí o tó ṣe é?"

Mo ní mo fẹ́ kí ó rẹwà ni. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹnì kan tó ń sunkún wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ti rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo. Ó sọ fún mi pé àbúrò ìyá òun rí fọ́tò náà lórí fóònù, ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá òun pé kí ó wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe dàgbà. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó pe orúkọ ìkejì rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ilà yìí nìkan ni wọ́n fi dá wa mọ̀," ni ó sọ. "Ìyá bàbá mi ló kọ ọ́ fún mi nígbà tí a wà ní ìkókó, nítorí pé wọ́n ń wẹ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tí o nù yẹn kì í ṣe ojú mi mọ́. Ojú rẹ̀ ni. O sọ ọ́ di àgbà fún ìyá mi."

Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "O kò bi mí." Ó sì pa fóònù. Nígbà tí mo tún pè é, kò wọlé mọ́. Lórí Wasáàpù, fọ́tò ojú rẹ̀ ti di òjìji funfun. Ó ti dí mi lọ́nà níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo sáré pa sítátọ́ọ̀sì náà rẹ́. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ju àkọsílẹ̀ nù, nítorí pé bí sítátọ́ọ̀sì bá ṣì wà níbẹ̀, èèyàn lè tẹ ibẹ̀ kí ó rí orúkọ gbogbo ẹni tó wò ó. Bí o bá ti pa á rẹ́, orúkọ wọn bá a lọ. Ó yẹ kí n kọ orúkọ náà sílẹ̀ ná kí n tó pa á rẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù bà kì í ronú bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tí mo ṣe ni ohun tí gbogbo ọmọ Yorùbá máa ń ṣe. Mo wá àwọn àgbà. Mo kúnlẹ̀ fún ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní ìránṣọ àti àbúrò ìyá rẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó padà láti Ifọ̀, wọ́n pe àwa méjèèjì, wọ́n ní ahọ́n àti ẹnu máa ń jà, wọ́n ní kí ó tìtorí tàwọn dárí jì mí. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun mà. Mo ti dárí jì í." Àwọn àgbà gbàdúrà, ọ̀rọ̀ parí. Lọ́jọ́ kejì ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá, ó ń wo títì bí ẹni tó ń wá ọkọ̀. Mo wá mọ̀ pé itọ́ funfun ló tu jáde, ẹ̀jẹ̀ dúdú ṣì wà nínú. Kí ni kí ó ṣe? Ṣé ó máa sọ fún àgbà méjì pé òun kò gbà ni? Èmi ni mo fi àgbà tì í mọ́ ògiri. Mo ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún fi ẹ̀bẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà náà ni mo rò ó pé kí n kọ ìwé. N kò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀, kò gbọ́ ohùn mi lórí fóònù, ìwé nìkan ni ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí lè jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ọkàn rẹ̀ fi máa balẹ̀. Mo kọ ti àkọ́kọ́ sórí ojú ewé méjì. Mo rò pé ó dára tó fi jẹ́ pé mo gbé e fún ọ̀gá mi láti bá mi wo àmì orí rẹ̀.

Ọ̀gá mi wọ jígí wọn, wọ́n kà á tán, wọ́n sì ń wò mí.

"Níbo ni o ti sọ ohun tí o ṣe níbí?"

Mo fi ìka tọ́ka sí ibi tí mo kọ ọ́ sí pé *bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́ ní ọ̀nà kankan.*

"Bí o bá? Ṣé o kò tíì mọ̀ ni?" Wọ́n ṣí ojú ewé kejì. "Níbí o ní iṣẹ́ èṣù ni. Ṣé èṣù ló ni fóònù yẹn? Ṣé òun ni mo ń san owó oṣù fún láti máa nu ojú?"

Wọ́n ní ibi tí mo ti ń sọ pé ìfẹ́ ló mú mi ṣe é pọ̀ ju ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi lọ. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà "mo fẹ́ràn rẹ" sí mi létí títí ojú fi tì mí. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ jẹ èkuru kó tán kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tó dá mi dúró pátápátá. Wọ́n ní, "Fọ́tò náà ńkọ́, níbo ló wà báyìí?"

N kò mọ̀. Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún iná tó ṣì ń jó.

Mo gbé bíírò sílẹ̀. Odidi ọjọ́ márùn-ún ni mo fi wá fọ́tò yẹn. Èyí tó wà nínú gúrúùpù, àkókò tí wọ́n fi ń gba èèyàn láyè láti pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn ti kọjá fún èmi, ṣùgbọ́n alága gúrúùpù ṣì lágbára láti pa á rẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́. Síbẹ̀, pípa á rẹ́ nínú gúrúùpù kò túmọ̀ sí pé ó kúrò nínú fóònù ẹni tó ti gbà á sílẹ̀. Nítorí náà mo kọ ọ̀rọ̀ kan, mo fi ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú gúrúùpù àti nínú fóònù mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé fọ́tò tí mo gbé jáde kì í ṣe bí ọ̀rẹ́ mi ṣe rí, pé n kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ ọ́ kúrò, bí wọ́n bá sì ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kí wọ́n sọ fún mi. N kò sọ ọ̀rọ̀ ìkejì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kì í ṣe tèmi láti sọ. Ọ̀pọ̀ dáhùn dáadáa. Bàbá tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o tún lè kọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí?" Àwọn kan kò dáhùn rárá.

Inú èsì wọ̀nyẹn ni mo ti gbọ́ pé obìnrin kan tó ń kun àtíkè fún àwọn ìyàwó, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Magboro, ti mú fọ́tò náà, ó ti fi ṣe ìwé ìkéde. Ó fi fọ́tò ọ̀rẹ́ mi gidi tó rí lórí sítátọ́ọ̀sì ẹnì kan sí apá òsì, ó fi tèmi sí apá ọ̀tún, bí ẹni pé àtíkè rẹ̀ ló mú ilà kúrò. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Magboro. Èmi tí n kì í lè sọ fún awakọ̀ pé mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, tí mo máa ń bá a dé ibi tí ẹlòmíràn bá ti sọ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, oníbàárà mẹ́ta jókòó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ gbogbo rẹ̀ tán láìmí. Obìnrin náà ní, "Fọ́tò tó dára báyìí? Mo rò pé ẹ fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ yín ni." Mo ní iṣẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ojú kì í ṣe tèmi. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà yí padà wò mí. Obìnrin náà rojú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé fóònù, ó pa á rẹ́ lójú mi, ó sì kọ ọ́ sí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀ pé fọ́tò ti àná kì í ṣe iṣẹ́ òun. Nígbà tí mo ń padà lọ sí Mowe, èmi fúnra mi ni mo pariwo pé mo máa sọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kojú ti ọwọ́ ara mi. Mo yọ ọ́ kúrò nínú fóònù, mo sì yọ ọ́ nínú àpò ìdọ̀tí fóònù, nítorí pé ohun tí a bá pa rẹ́ ṣì máa ń dúró níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mo wọ inú áàpù tí mo fi tún un ṣe, ẹ̀dà kan wà níbẹ̀. Òmíràn wà níbi tí fóònù ti máa ń kó fọ́tò pa mọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òmíràn wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá mi. Mo yọ gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́. Kò sí iṣẹ́ tí mo ṣe tó dán bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà náà ni mo tó lè kọ ìwé. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ojú ewé kan ni ó sì jẹ́ nígbẹ̀yìn. Mo ṣì mọ ọ́ lórí:

*Ọ̀rẹ́ mi,*

*Mo mú fọ́tò tí o ní kí n yà fún oníbàárà rẹ, mo fi ṣe ohun mìíràn. Mo nu ilà rẹ kúrò, mo mú awọ rẹ pọ́n, mo sì gbé e síta fún gbogbo ènìyàn láìbi ọ́. Mo mọ òfin iṣẹ́ wa, mo sì rú u. Kò sí ẹni tó tì mí.*

*N kò mọ̀ pé ojú tí mo ń ṣe ni ojú ìkejì rẹ. Ṣùgbọ́n bí o kò bá tilẹ̀ ní ìkejì, mo ṣì jẹ̀bi. Mo wo ojú rẹ, mo sì pinnu fúnra mi pé nǹkan kan ṣe é. Kò sí nǹkan tó ṣe é.*

*Mo tún jẹ̀bi pé mo kó àwọn àgbà wá bá ọ. O kò ní àyè láti sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ tí o sọ níwájú wọn, n kò ní dì í mú.*

*Ohun tí mo ti ṣe nìyí. Fọ́tò náà ti kúrò ní gúrúùpù. Mo ti kọ̀wé sí ẹnì kọ̀ọ̀kan pé n kò gba àṣẹ rẹ. Ẹni tó fi ṣe ìkéde ní Magboro ti pa á rẹ́ lójú mi. Lọ́wọ́ mi, kò sí ẹ̀dà kankan mọ́. Àwọn ènìyàn mẹ́rìnlá kò dá mi lóhùn, n kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Orúkọ wọn wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ̀dà kan ṣeé ṣe kó wà lọ́wọ́ Màmá ní Ifọ̀. N kò ní fọwọ́ kan ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ni.*

*Láti òní lọ, n kò ní gbé fọ́tò rẹ síbikíbi, ìbáà jẹ́ bí o ṣe rí gan-an, àfi tí o bá ní kí n gbé e.*

*N kò ní kí o dáhùn. N kò ní kí o dárí jì mí ní ọjọ́ báyìí. Bí o bá fẹ́ kí n ṣe ohun kan tí n kò rántí, sọ ọ́, mà á ṣe é.*

Mo ṣẹ́ ẹ po, mo gbé e fún ọ̀gá ìránṣọ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ kàn fún un." Wọ́n wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. N kò yọjú sí ẹnu ọ̀nà wọn láti wò bóyá ó ti kà á. Èyí ló ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀, ó ju Magboro lọ. Àbúrò ìyá rẹ̀ wá tẹ ìwé kan lọ́dọ̀ wa, ó sì sọ fún mi láìjẹ́ pé mo bi í pé ìyá náà kò tíì yọ fọ́tò yẹn kúrò, pé ó máa ń gbé e jáde lẹ́yìn ìrun, á sì máa wò ó. Ó ní nígbà tí ọ̀rẹ́ mi bá lọ sí Ifọ̀, ó máa ń bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń wo fóònù. Mo ti fún ìyá kan ní ọmọ tí kò sí, mo sì ti gba díẹ̀ nínú ojú tó fi ń wo èyí tó wà.

Ọjọ́ kan lọ́sàn-án, ọ̀rẹ́ mi wọlé. Ọ̀gá mi rí i, wọ́n rántí pé àwọn ní nǹkan láti rà ní òdìkejì títì. Ó jókòó sórí àga oníbàárà.

Ó ní, "Màmá mi ń fẹ́ kí wọ́n tẹ fọ́tò yẹn sórí pépà fún àwọn, kí ó tóbi, kí wọ́n lè gbé e kọ́. Ti orí fóònù wọn kò mọ́, wọ́n ní ó ti fọ́. Tẹ ojúlówó rẹ̀ fún mi."

Mo ní n kò ní in mọ́.

"O kò ní in?"

"Mo kọ ọ́ sínú ìwé."

"Èèyàn máa ń kọ nǹkan sínú ìwé." Ó na ọwọ́ fún fóònù mi. Mo gbé e fún un. Ó wo inú fọ́tò, ó wo àpò ìdọ̀tí, ó wọ inú áàpù náà. Ó mọ ibi tí nǹkan máa ń sá pa mọ́ sí. Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà, mo ṣí gbogbo ibẹ̀ fún un. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tó jókòó padà, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ojú rẹ̀ kò le mọ́.

"Iṣẹ́ tó dán tó yẹn," ni ó sọ. "O yọ ọ́ lóòótọ́."

Mo ní mo yọ ọ́.

Ó wá sọ fún mi pé òun kò mọ ohun tí òun ìbá ṣe ká ní mo ní in. Òun kò fẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri, òun kò sì lè sọ fún ìyá òun pé rárá. Ní báyìí, òun á sọ fún wọn pé kò sí níbì kankan, òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Ó fi ìka pa ilà rẹ̀ bí ẹni tí ibẹ̀ ń yún.

"Kò tíì tán nínú mi o," ni ó sọ. "Mi ò fẹ́ parọ́ fún ẹ bíi tọjọ́sí. Ṣùgbọ́n yà mí. Kí n gbé èmi fún Màmá."

Mo gbé ìjókòó sábẹ́ iná. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ó sì ní kí n má bá òun gbọ̀n fọ́tò náà, mo bá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn. Rorẹ́ méjì wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Mo bi í bóyá kí n mú wọn kúrò. Ó rò ó títí, ó ní kí n mú ẹyọ kan.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Èmi ni mo ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀gá mi kò bá sí, mo sì ti ń kọ́ ọmọbìnrin kan níṣẹ́, tí ó lẹ́nu ju mi lọ. Fọ́tò ọ̀rẹ́ mi wà lára ògiri pálọ̀ ní Ifọ̀. Ìyá rẹ̀ ṣì ní èyí tó wà lórí fóònù wọn, ọ̀rẹ́ mi ní òun kò bi wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé, ara ògiri ni wọ́n ń nàka sí. Àwa méjèèjì kò tíì padà sí bí a ṣe wà tẹ́lẹ̀, n kò sì rò pé a máa padà síbẹ̀ gan-an. Nígbà kan, òun ló ń sọ̀rọ̀ fún mi, èmi ń sá sẹ́yìn rẹ̀. Ní báyìí, tí inú bá bí i sí ohun tí mo ṣe, ó máa ń sọ ọ́ fún mi lójú, mà á gbé orí sókè, mà á gbọ́ ọ tán.